Mọ́ọ̀dù ìmú ìdérí ìkòkò: ọ̀nà irin àti ọ̀nà afẹ́fẹ́

Mọ́ọ̀dù ni ohun tí a gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, kí irin tí a yọ́ dà sí i lè gbé àwòrán ihò náà wọ̀. Àmọ́ ihò àwòrán nìkan kò tó. Mọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ní ẹnu tí a ó máa da irin sí, ọ̀nà tí irin yóò gbà dé ibi àwòrán, àti ihò ìmí tí afẹ́fẹ́ yóò gbà jáde. Kí irin tó dé, afẹ́fẹ́ ló ti kún inú mọ́ọ̀dù. Ẹ da omi sínú kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró, ẹ ó rí i bí omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ń jà lẹ́nu rẹ̀. Ìjà yẹn ni ihò ìmí ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé irin kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, ó ti ń dì.

Ẹ jẹ́ ká mú ìmú ìdérí ìkòkò alumíníọ̀mù tí a fẹ́ fi iyanrìn dà. Orí rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 40, ó sì nípọn tó 12. Ọrùn rẹ̀ fẹ̀ tó 15, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ tó 25. Bí a bá gbé e nàró sínú iyanrìn, orí àti ẹsẹ̀ kò ní jẹ́ kó jáde láì ba iyanrìn jẹ́. Nítorí náà, ńṣe la ó dùbúlẹ̀ rẹ̀. A ó fi igi gbẹ́ àwòṣe rẹ̀, a ó là á sí méjì ní gígùn, ìlàjì kan nínú fírémù ìsàlẹ̀ tó ń di iyanrìn mú, èkejì nínú ti òkè. Alumíníọ̀mù máa ń sún kì bó bá tutù, nǹkan bíi ìdá kan àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà a ó gbẹ́ orí àwòṣe sí 40.5. Ojú orí tó tẹ́jú kò gbọdọ̀ dúró ṣánṣán. Kó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní bíi dígírì 2, kó lè yọ wọ́ọ́rọ́.

Ibo ni irin yóò gbà wọlé? Ibi tó nípọn jù ló máa ń dì kẹ́yìn, bó bá sì ti ń dì, ó ń sún kì, ó ń wá irin kún ara rẹ̀. Orí ni ibẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 30 láti òkè fírémù, kó ga tó 60, ní ẹ̀gbẹ́ orí náà. Òun ni ẹnu ìdà, òun náà ni yóò sì máa bọ́ orí bó ti ń dì. Ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ kò gbọdọ̀ gùn ju 6 lọ, kó nípọn tó 10. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ kúrú bẹ́ẹ̀ ni pé ooru láti ọ̀tún àti òsì kò ní jẹ́ kó tètè dì. Ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ẹnu ìdà jinlẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀nà náà lọ, kí irin tó ń já bọ́ má bàa máa họ iyanrìn lọ sínú iṣẹ́.

Ẹ kíyè sí ìwọ̀n: ìmú fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 55 lọ, ẹnu ìdà nìkan yóò gba bíi 115. Ẹ yọ́ tó 220, kó má lọ tán lójijì. Ẹnu ìdà tí ẹ bá gé kúrò, inú ìkòkò ìyọ́ ló ń padà sí. Písítìn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, tí àwọn mẹkáníìkì Àkúrẹ́ ń kó jọ, dára fún iṣẹ́ yìí ju agolo ohun mímu lọ, torí pé ó máa ń ṣàn dáadáa dé igun.

Ó kan ihò ìmí. Afẹ́fẹ́ máa ń sá lọ síbi tó ga jù àti ibi tó jìnnà jù sí ẹnu ìdà. Níhìn-ín, ibi tó ga jù ni etí òkè orí. Ibi tó jìnnà ni ẹsẹ̀. Kí ẹ tó yọ àwòṣe, ẹ fi sípókì kẹ̀kẹ́ gún iyanrìn láti òkè títí yóò fi kan orí, ẹ gún òmíràn kan ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ṣí fírémù, ẹ fa ilà kan láti òpin ẹsẹ̀ jáde sí etí fírémù, kó má jinlẹ̀ tó mìlímítà kan. Irin tó bá wọ inú ilà tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ yóò dì kó tó rìn jìnnà, afẹ́fẹ́ yóò sì ti kọjá. Ẹ tún gún ihò mélòó kan káàkiri tí kò dé ara àwòṣe, fún ooru omi inú iyanrìn. Ẹ dákun, iyanrìn tó bá ń tu omi sọ́wọ́ ti tutù jù. Omi abẹ́ irin gbígbóná máa ń bú gbàmù, ó sì máa ń ta irin sókè.

Bí irin bá ti gbóná tó bíi 720 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, ẹ dà á láìdáwọ́ dúró títí ẹnu ìdà yóò fi kún. Bí ẹsẹ̀ kò bá kún, tí etí rẹ̀ rí roboto tó ń dán, tó sì ń ṣe é níbì kan náà nígbà gbogbo, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀: ẹ tún ihò ìmí ẹsẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá rí ilà tóóró níbi tí irin méjì ti pàdé láì so, irin ti tutù jù. Ẹ fi ayùn gé ìmú kan sí méjì wò: ihò roboto tí inú rẹ̀ ń dán, afẹ́fẹ́ tàbí ooru omi ni. Ihò ṣákaṣàka nítòsí ọ̀nà ìwọlé, ìsúnkì ni, a jẹ́ pé ọ̀nà náà tín-ín-rín jù tàbí ó gùn jù.