Bí 15-25 ṣe ń di 51-52 nígbà tí ẹ̀rọ bá ń túmọ̀ àwòrán

Ká ní fóònù ya àwòrán páálí oògùn tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sí lára, ó túmọ̀ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n tọ́jú oògùn náà síbi tí ooru ibẹ̀ jẹ́ dígírì 51 sí 52. Ẹni tó bá rí i á kọ́kọ́ dẹ́bi fún iṣẹ́ ìtumọ̀. Iṣẹ́ ìtumọ̀ kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Ohun tó wà lára páálí náà ni 15 sí 25, àṣìṣe sì ti wọlé kí ìtumọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń to àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó rí nínú àwòrán tẹ̀ léra wọn. Bí ẹ̀rọ ṣe ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ wà nínú àwòrán, àti bó ṣe ń ya ìlà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Títò yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Èrò kan wà nídìí rẹ̀ tó yẹ kó ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́. Àwọn èèyàn á ní ọ̀tún sí òsì ni wọ́n ń kọ èdè Lárúbáwá àti ti Hébérù, nítorí náà kí ẹ̀rọ sáà yí ìlà náà po, ó parí. Kò parí. Lẹ́tà ló ń lọ láti ọ̀tún sí òsì. Nọ́ńbà tó bá wà láàárín àwọn lẹ́tà náà ń lọ láti òsì sí ọ̀tún bí a ṣe ń kọ ọ́ níbí: nínú 125, 1 tó dúró fún ọgọ́rùn-ún ló wà lápá òsì pátápátá. Bó ṣe rí náà nìyẹn tí wọ́n bá fi àmì nọ́ńbà ti àwọn Lárúbáwá fúnra wọn kọ ọ́, ١٢٥. Ìlà kan ṣoṣo ń lọ sí ọ̀nà méjì, ẹni tó bá sì yí gbogbo rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan náà ti sọ 125 di 521.

Nínú fáìlì, wọn kì í tọ́jú ọ̀rọ̀ bó ṣe rí lójú. Bí èèyàn ṣe tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ léra ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, ìgbà tó bá fẹ́ fara hàn lójú ẹ̀rọ ni sọ́fítíwia tó máa ń ṣírò ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí. Òfin tó ń tẹ̀ lé wà nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní UAX #9, ti àjọ Unicode tó ń ṣètò àmì ìkọ̀wé gbogbo èdè fún kọ̀ǹpútà. Òfin náà gún régé. Ó fi ẹgbẹ́ kan fún àmì kọ̀ọ̀kan: ẹgbẹ́ lẹ́tà Lárúbáwá ń jẹ́ AL, ti lẹ́tà Hébérù ń jẹ́ R, ti nọ́ńbà 0 dé 9 ń jẹ́ EN, ti nọ́ńbà Lárúbáwá bíi ١٢٥ sì ń jẹ́ AN. Lójú òfin yìí, nọ́ńbà dà bí ìdì igi. Láti ọ̀tún sí òsì ni wọ́n ń to àwọn ìdì náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n igi inú ìdì kọ̀ọ̀kan kì í yí padà. Ohun tó wá kù ni láti mọ ibi tí ìdì kan parí sí, ìyẹn ni pé àmì tó wà láàárín nọ́ńbà méjì, ṣé okùn tó so wọ́n pọ̀ mọ́ ìdì kan ni, àbí ohun tó kàn dúró sáàárín wọn?

Sílááṣì jẹ́ okùn. Kọ́mà, kólọ̀nù àti àmì ìdánudúró náà jẹ́ okùn, tí àwọn nọ́ńbà tó yí wọn ká bá ti jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà. Ìdí nìyẹn tí 15/03/2024 fi máa ń dúró digbí láàárín ọ̀rọ̀ Lárúbáwá. Dáàṣì ni oníwàhálà. Àárín nọ́ńbà tó jẹ́ EN nìkan ni dáàṣì ti lè jẹ́ okùn. Òfin náà sì sọ pé nọ́ńbà EN tó bá tẹ̀ lé lẹ́tà Lárúbáwá ti di AN nìyẹn, ká tiẹ̀ ní 0 dé 9 lásán ni wọ́n fi kọ ọ́. Tó bá ti di AN, okùn já. Nọ́ńbà méjèèjì á di ìdì méjì, wọ́n á sì tò wọ́n láti ọ̀tún sí òsì.

Ìlà tó wà nísàlẹ̀ yìí fi í hàn kedere. Ó ń sọ pé kí wọ́n tọ́jú nǹkan sínú ooru dígírì 15 sí 25:

```
يحفظ في درجة حرارة 15-25 مئوية
```

Nínú fáìlì, 1 àti 5 ló ṣáájú, dáàṣì tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ni 2 àti 5. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ tí o fi ń ka èyí bá ń tẹ̀ lé òfin UAX #9, 25 ni wàá rí lápá òsì, 15 á sì wà lápá ọ̀tún. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá ń bọ̀ láti apá ọ̀tún, 15 ló máa kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà ni 25.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ìlà yìí bá di àwòrán. Àwòrán kò ní fáìlì ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ohun tó hàn sójú nìkan ló kù. Ẹ̀rọ tó ń kà á máa ń gba orí ìlà náà kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, bó bá sì ṣe ń rí àmì ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè fò síwá kó tún padà sẹ́yìn. Nítorí náà, 2, 5, dáàṣì, 1, 5 ló máa rí láti òsì, sọ́fítíwia mìíràn ló sì máa wá dá ìlà náà padà sí bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́.

Tí sọ́fítíwia yẹn bá yí gbogbo rẹ̀ po lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, 25-15 á di 51-52. Èyí ló burú jù lọ, nítorí pé kò jọ àṣìṣe. Nọ́ńbà kékeré ló ṣáájú, ńlá ló tẹ̀ lé e, ìtumọ̀ á sì gbà á wọlé láìjanpata. Tó bá mọ̀ pé nọ́ńbà kì í yí, àmọ́ tó ka dáàṣì sí okùn, 25-15 ló máa gbé kalẹ̀, ìtumọ̀ á ní "láti 25 sí 15". Ẹni tó bá kà á á fura, ìyẹn sàn díẹ̀. Tó bá pín in níbi dáàṣì tó wá yí ìdì méjèèjì sípò ara wọn, 15-25 á jáde, ó sì ti gbà á.

Ẹnì kan lè wá ní kí wọ́n kúkú máa pín in níbi dáàṣì nígbà gbogbo. Àwòrán Hébérù ò ní gbà. Lẹ́tà Hébérù kì í sọ EN di AN, nítorí náà dáàṣì ṣì jẹ́ okùn níbẹ̀, 15-25 á sì hàn ní 15-25 láti òsì sí ọ̀tún. Bí ẹ̀rọ bá pín ìyẹn, ó ti bà á jẹ́. Nínú èdè Lárúbáwá pàápàá, ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ náà lè ti fi àmì tí kì í hàn sójú, irú bíi U+2066 àti U+2069, dáàbò bo nọ́ńbà fóònù kó má bàa yí. Nọ́ńbà fóònù 555-0123 tí wọ́n dáàbò bò á hàn ní 555-0123. Èyí tí wọn ò dáàbò bò á hàn ní 0123-555. Àmì ààbò náà kò sì sí nínú àwòrán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le gan-an nìyí. Àtinú fáìlì dé ojú ẹ̀rọ, èsì kan ṣoṣo ló wà. Àtinú àwòrán padà sí fáìlì, èsì méjì lè wà tí àwòrán méjèèjì á sì jọra délẹ̀délẹ̀. Kò sí òfin títò kankan tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó yí nọ́ńbà náà ká nìkan ló lè ṣe é: ìwọ̀n ooru máa ń lọ láti kékeré sí ńlá, nọ́ńbà fóònù kò mọ irú ìyẹn. Àwọn ẹ̀rọ kíkà tuntun tó ń wo gbogbo ìlà lápapọ̀ kí wọ́n tó kọ ohunkóhun ń lo irú òye bẹ́ẹ̀ dé àyè kan, wọ́n sì máa ń gbà á ju àwọn àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣì í, nọ́ńbà tó bọ́gbọ́n mu ni wọ́n máa ń fi rọ́pò, èyí tí ojú kò ní tètè mú.

Ìdí kan náà ló ń ba àmì àyọkúrò tó ń ṣáájú ìwọ̀n ooru jẹ́, ìyẹn dáàṣì tó ń fi hàn pé ooru náà wà nísàlẹ̀ òdo. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Lárúbáwá, -20 máa ń hàn ní 20-, nítorí dáàṣì yẹn wà lápá ọ̀tún níbi tí ẹni tó ń kà á ti máa kọ́kọ́ bá a pàdé. Ẹ̀rọ tí kò bá mọ èyí á ka dáàṣì náà sí ti gbólóhùn lásán, á sì jù ú nù. Ohun tó yẹ kó wà nínú yìnyín á wá di ohun tí wọ́n ń gbé sínú yàrá. Àmì ìdá ọgọ́rùn-ún náà máa ń sọdá, 50% á di %50, àmọ́ ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára torí pé kò sí ohun mìíràn tó lè túmọ̀ sí.

Tí wọ́n bá fi nọ́ńbà Lárúbáwá kọ ọ́, ìrísí tún ń dá kún un. ٥ tó jẹ́ márùn-ún jọ òdo tiwa, òdo tiwọn, ٠, kò ju ìsàmì kan lọ, tí àwòrán tí kò mọ́ dáadáa lè gbé mì, ١ sì jọ lẹ́tà alífù bí ìbejì.

Tí ìtumọ̀ bá gbé nọ́ńbà tó ń fu ni lára jáde, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní mímọ̀ ni bóyá kíkà ló bà á jẹ́ tàbí ìfihàn. Ojú ẹ̀rọ kò ṣeé gbà gbọ́ fún èyí, nítorí òun náà ń tún un tò nígbà tó bá ń fi í hàn. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí a gba ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kà kó tó lọ fún ìtumọ̀, kí a fi í sínú `s`, kí a sì fi èdè Python tò ó ní òòró:

```
for c in s:
    print(c)
```

Àmì kan ló máa wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, òkè sí ìsàlẹ̀ kò sì ní ọ̀tún tàbí òsì tí ohunkóhun lè gbà sọdá. Tí 1, 5, dáàṣì, 2, 5 bá tò wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, kíkà dára, ibi ìfihàn ni kí a lọ wò. Tó bá jẹ́ 5, 1, dáàṣì, 5, 2 ló tò wálẹ̀, ẹ̀rọ ti yí ìlà náà po lódindi.

Ìfihàn náà sì ní ẹ̀bi tirẹ̀. Nígbà míì ìtumọ̀ á fi orúkọ òpópónà kan sílẹ̀ ní lẹ́tà Lárúbáwá, nọ́ńbà ilé á sì tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà náà á sọdá sí apá òsì orúkọ yẹn, á wá dà bíi pé ti ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ni. Láti ọdún 2013 ni Unicode ti ní àtúnṣe fún èyí: kí sọ́fítíwia fi U+2068 síwájú orúkọ náà, kó sì fi U+2069 sẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà á jókòó sáyè rẹ̀. Fún kíkà ní tirẹ̀, ohun tó sàn jù tí ẹ̀rọ lè ṣe tó bá rí dáàṣì láàárín nọ́ńbà méjì ni kó gé apá ibẹ̀ nínú àwòrán, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtumọ̀, kí ẹni tó ń kà á lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó.