Ọdún 8 ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 7 ní Hiúsítìn: bí wọ́n ṣe ń pa ọdún iṣẹ́ pọ̀ kí pẹ́nṣọ̀n ẹni má bàa ṣòfò

Àwọn èèyàn wa tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba kí wọ́n tó kọjá sí Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú wọn ló gbà pé owó Náṣọ́nà Inṣọ́ránsì tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù wọn lọ́hùn-ún ti lọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan sọ ọ́ fún mi lójúkojú, ó ní "ọdún tí mo lò níbẹ̀ ò tó nǹkan, kí wọ́n máa jẹ ẹ́." Ó dùn mí gan-an, torí pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àdéhùn kan wà láàárín ìjọba méjèèjì, láti 1985 ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, totalaisẹ́ṣọ̀n làwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú ẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n ka ọdún tèèyàn fi ṣiṣẹ́ níbí mọ́ èyí tó fi ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún.

Kó tó yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nílùú Ọba, ẹni tó bá wà lábẹ́ sítéètì pẹ́nṣọ̀n tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní April 2016 gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ọdún 10 lórí ìwé kí wọ́n tó fún un ní kọ́bọ̀, tó bá sì fẹ́ gbà á ní kíkún, ọdún 35 ni. Ní Amẹ́ríkà, kírẹ́díìtì ni wọ́n ń kà, èèyàn ò lè ní ju 4 lọ lọ́dún kan, ó sì gbọ́dọ̀ tó 40 kó tó lè gba pẹ́nṣọ̀n Sóṣà Sẹkiúrítì, ọdún 10 náà nìyẹn tá a bá ṣírò ẹ̀. (Ní 2025, dọ́là 1,810 téèyàn bá pa ló ń mú kírẹ́díìtì kan wá, torí náà ẹni tó bá ti pa 7,240 lọ́dún yẹn ti ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.)

Ká wá mú obìnrin kan báyìí, ká pè é ní Aṣàbí. Ó ṣe iṣẹ́ kẹ́rà fún ọdún 8 ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn April 2016, ló bá tẹ̀lé ọkọ ẹ̀ lọ sí Hiúsítìn, ó tún ṣiṣẹ́ ọdún 7 níbẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún tó ní kó jókòó. Ọdún 15 gbáko ló fi sanwó, àmọ́ Ìlú Ọba á ní ọdún 8 ò tó 10, Amẹ́ríkà á ní kírẹ́díìtì 28 ò tó 40, kò ní rí nǹkan kan gbà lápá ibì kankan. Ibi tí àdéhùn yẹn ti wúlò gan-an nìyí.

Ohun táwọn èèyàn máa ń ṣì gbọ́ ni pé wọ́n rò pé owó ló ń kọjá láti ìjọba kan sí èkejì. Owó kankan ò kọjá o. Ọdún nìkan ló ń kọjá. Ẹ rò ó bí àjọ méjì, èyí tó ní òfin pé ẹni tí ò bá tíì dá a tó oṣù mẹ́wàá ò lè kó, tí àwọn alájọ méjèèjì wá jókòó tí wọ́n sọ pé ẹni tó bá ti dá lọ́dọ̀ yín, àwa náà á ka oṣù ẹ̀ kó fi lè wọlé, ṣùgbọ́n tó bá di owó, ohun tó dá lọ́dọ̀ wa nìkan la máa san fún un.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún Aṣàbí. Ìlú Ọba á wo ọdún 8 tiẹ̀, á fi 7 ti Amẹ́ríkà kún un, ó di 15, ó ti kọjá 10, ilẹ̀kùn ti ṣí. Wọ́n á wá ṣírò iye tí ọdún 15 ìbá mú wá ká ní ọ̀dọ̀ wọn ló ti ṣe gbogbo ẹ̀, wọ́n á sì fún un ní ìdá 8 nínú 15 ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe é jáde, ọdún 8 nínú 35 ló já sí. Ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní April 2025, pọ́n-ùn 230.25 lọ́sẹ̀ ni pẹ́nṣọ̀n kíkún, tá a bá fi ìyẹn ṣírò tiẹ̀, á jẹ́ bíi pọ́n-ùn 52.63 lọ́sẹ̀, ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó bá kù láyé. Owó tẹ́gbọ́n mi ní kí wọ́n máa jẹ nìyẹn.

Amẹ́ríkà náà á ṣe tiẹ̀. Wọ́n á ka ọdún 8 ti Lọ́ńdọ̀nù bíi kírẹ́díìtì 32, pẹ̀lú 28, ó di 60, ó ju 40 lọ. Wọ́n á ṣírò pẹ́nṣọ̀n bí ẹni pé Amẹ́ríkà ló ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe, ní irú owó tó ń gbà níbẹ̀, wọ́n á wá gé e sí ìwọ̀n ìgbà tó lò lọ́dọ̀ wọn gan-an. Ó kéré tán èèyàn gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì 6 ti Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ kí wọ́n tó bá a ka ti òkèèrè, Ìlú Ọba sì fẹ́ kó ní odidi ọdún kan lọ́dọ̀ tàwọn. Tó bá sì jẹ́ pé o ti ní 40 pé lọ́wọ́, wọn ò ní ka ti Ìlú Ọba mọ́ ọn, torí o ò nílò ẹ̀, kò lè sọ owó ẹ di púpọ̀.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn dáadáa, Mẹ́díkéà, ìyẹn ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fáwọn àgbàlagbà, ò sí nínú àdéhùn yìí. Apá ti ọsibítù tí wọ́n ń fúnni láìgba owó oṣooṣù, kírẹ́díìtì 40 ti Amẹ́ríkà pọ́ńbélé ni, tìẹ tàbí ti ọkọ tàbí aya ẹ. Aṣàbí lè máa gba pẹ́nṣọ̀n lọ́wọ́ méjèèjì kó ṣì máa sanwó fún ìyẹn bí tọkọ ẹ̀ ò bá pé. Àdéhùn náà ò yí ọjọ́ orí padà, Amẹ́ríkà lè bẹ̀rẹ̀ sí san díẹ̀ láti ọdún 62, Ìlú Ọba ò ní fún ẹni tí ò tíì tó ọjọ́ orí tiwọn ní nǹkan kan, torí náà ẹ má rò pé méjèèjì á bọ́ sí ọjọ́ kan náà.

Kò sẹ́ni tó máa wá bá yín fi lé yín lọ́wọ́, ẹ̀yin lẹ máa béèrè. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè lọ sí ọ́fíìsì Sóṣà Sẹkiúrítì kó gba fọ́ọ̀mù SSA-2490-BK, fọ́ọ̀mù yẹn kan náà lèèyàn fi ń béèrè ti ìlú méjèèjì. Orúkọ ló sábà máa ń dá nǹkan dúró. Ẹni tó fi orúkọ bàbá ẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tó wá ń jẹ́ orúkọ ọkọ ní Hiúsítìn, kó mú ìwé ìgbéyàwó dání, kó sì wá nọ́ńbà Náṣọ́nà Inṣọ́ránsì ẹ̀ kàn nísinsìnyí, ó máa ń wà lórí péésìlípù àtijọ́. Kó tún wọ gov.uk kó wo iye ọdún tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, torí ọdún tí owó iṣẹ́ kéré jù lè má wọlé.

Nàìjíríà wá ńkọ́? Kò ní irú àdéhùn yìí pẹ̀lú Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà. Ọdún tẹ́ ẹ fi ṣe tíṣà ní Ìbàdàn ò lè kún ọdún Lọ́ńdọ̀nù, owó tó wà nínú àkáǹtì pẹ́nṣọ̀n yín nílé ṣì jẹ́ tiyín ṣá o. Ó tún dé ibòmíì tó ń dun àwọn àgbà wa. Tí Aṣàbí bá dúró sí Hiúsítìn, pọ́n-ùn 52.63 yẹn á máa lọ sókè ní gbogbo April, torí àdéhùn náà ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Tó bá wálé wá máa gbé ní Abẹ́òkúta, iye tó ń gbà nígbà tó dé ló máa dúró sí, kò ní lé rárá ní gbogbo ọdún tó bá lò nílé.