Bí àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá ṣe ń sọ aago tó yẹ kí a gbé àtẹ̀jáde jáde, àti bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tún àtòjọ aago náà ṣe

Ẹni tó bá kó gbogbo àtẹ̀jáde ojú-ewé rẹ̀ jọ, tó tò wọ́n sí wákàtí tó gbé wọn jáde, tó sì ṣírò iye láìkì, kọ́mẹ́ǹtì àti ṣíà tí wákàtí kọ̀ọ̀kan ń mú wá, á sábà rí ohun kan tó ṣàjèjì. Wákàtí tó máa ń gba ipò kìíní kì í sábà jẹ́ èyí tó ń lò jù. Wákàtí tó ti gbé nǹkan jáde lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì péré ni. Àtẹ̀jáde kan ṣe dáadáa ní òwúrọ̀ Sátidé kan, kò tún gbé nǹkan kan jáde nírú àkókò bẹ́ẹ̀ mọ́, òwúrọ̀ Sátidé wá di ọba lórí tábìlì. Bí kọ̀ǹpútà bá ń fi irú tábìlì bẹ́ẹ̀ tún àtòjọ aago ṣe fúnra rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, oríire lásán ni yóò máa sá tẹ̀lé kiri. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni bí a ṣe máa mú kí tábìlì náà ṣeé gbàgbọ́ kí a tó fún un láṣẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ohun tí a fẹ́ wọ̀n. Kí a pe àpapọ̀ láìkì, kọ́mẹ́ǹtì àti ṣíà ní ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pín ìdáhùn fún iye ènìyàn tó rí àtẹ̀jáde. Ìṣirò yẹn dára bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá àtẹ̀jáde wu àwọn tó rí i, ṣùgbọ́n kò dára fún ọ̀rọ̀ aago, nítorí pé iye ènìyàn tó rí i gan-an ni ohun tí aago ń yí padà. Bí ènìyàn 2,000 bá rí àtẹ̀jáde ní aago kan tí 100 sì dáhùn, tí 400 rí òmíràn ní aago mìíràn tí 20 sì dáhùn, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni méjèèjì. Tábìlì á ní ọgba ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ èkíní mú ìlọ́po márùn-ún ohun tí èkejì mú wá. Iye olùtẹ̀lé tí ojú-ewé náà ní lọ́jọ́ tí àtẹ̀jáde jáde ló yẹ kí a fi pín in. Èyí náà ló ń jẹ́ kí àtẹ̀jáde ìgbà tí olùtẹ̀lé ṣì kéré lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òde òní láìsí ìrẹ́jẹ.

Ìdáhùn yẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àsìkò kan náà fún gbogbo wọn. Àtẹ̀jáde tó ti pé oṣù mẹ́ta ti rí àyè kó láìkì jọ ju ti ìjẹta lọ. Wákàtí 24 tó tẹ̀lé ìgbà tí àtẹ̀jáde jáde jẹ́ òdiwọ̀n tó bójú mu. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àpapọ̀ títí di ìsinsìnyí ni ọ̀pọ̀ ojú-ewé ń fúnni, wọn kì í sọ iye tó wà níbẹ̀ nígbà tí wákàtí 24 pé. Nítorí náà, ètò kọ̀ǹpútà ní láti máa lọ ka iye náà fúnra rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí, kí ó sì máa kọ ọ́ pamọ́. Ẹni tí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pamọ́ kò lè padà lọ bù ú níbì kankan.

Lẹ́yìn èyí ni irú àtẹ̀jáde. Fídíò àti ọ̀rọ̀ lásán kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Bí a bá sì ń fi fídíò sí ìrọ̀lẹ́ tí a ń fi ọ̀rọ̀ lásán sí òwúrọ̀, tábìlì á yin ìrọ̀lẹ́ fún ohun tí fídíò ṣe. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a fi àtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan wé àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ irú kan náà. A ó to gbogbo fídíò láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù, a ó mú èyí tó bọ́ sí àárín gbùngbùn, a ó sì fi pín. Ká ní olùtẹ̀lé 10,000 ló wà. Fídíò kan gba ìdáhùn 300, ìyẹn ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti fídíò àárín jẹ́ 2.4, máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 1.25. Ọ̀rọ̀ lásán kan gba 120, ìyẹn ìdá 1.2. Ti ọ̀rọ̀ lásán àárín jẹ́ 0.8, máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 1.5. Ọ̀rọ̀ lásán yẹn ló ṣe ju bó ṣe yẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn fídíò ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀. Máàkì 1 túmọ̀ sí pé àtẹ̀jáde ṣe bí irú rẹ̀ ti máa ń ṣe. Èyí tó bá gbòde kan tí máàkì rẹ̀ dé 14, ó dára kí a gé e sí 3, kí ọjọ́ kan ṣoṣo má baà da gbogbo ìṣirò rú.

Aago fúnra rẹ̀ náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ìlà bíi `2025-03-10T19:00:00Z` ni àkọsílẹ̀ sábà máa ń gbé jáde, `Z` tó gbẹ̀yìn rẹ̀ sì ń sọ pé aago UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni, kì í ṣe aago ibi tí àwọn olùtẹ̀lé wà. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yí i sí aago ibi tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé, kí ó sì lo orúkọ agbègbè bíi `Europe/London` dípò `+01:00`, nítorí pé àwọn orílẹ̀-èdè kan máa ń sún aago wọn ní wákàtí kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àṣìṣe yìí rọrùn láti dá mọ̀: tábìlì á máa yin aago 3 òru, tàbí kí gbogbo òkè tó wà lórí rẹ̀ ṣípò ní wákàtí kan géérégé láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Wàyí o, ká wá sọ ti àkọsílẹ̀ tí kò tó. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Ojú-ewé tó ń gbé àtẹ̀jáde 10 jáde lọ́sẹ̀ á ní 120 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ìyẹn ò tó ẹyọ kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Kí a má fi wákàtí kọ̀ọ̀kan dá dúró nígbà náà. Ẹ pín ọjọ́ sí wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì ya ọjọ́ iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára òpin ọ̀sẹ̀. Apótí 16 ló máa jáde, ó sì lé ní 7 tí àpótí kọ̀ọ̀kan á ní bí a bá pín in dọ́gba. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé bá ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, wọn kì í dọ́gba. Ká ní apótí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, aago 6 sí 9, ní àtẹ̀jáde 24 tí ìpíndọ́gba máàkì wọn jẹ́ 1.4. Apótí òwúrọ̀ òpin ọ̀sẹ̀, aago 6 sí 9, ní méjì péré, ọ̀kan gba 2.9, èkejì 0.9, ìpíndọ́gba wọn sì jẹ́ 1.9. Bí a bá wo ìpíndọ́gba nìkan, òpin ọ̀sẹ̀ ló borí. Igi kan kì í dá igbó ṣe, méjì náà kò sì tíì tó. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi àtẹ̀jáde àfojú-inú-rí mélòó kan, tí máàkì wọn jẹ́ 1, kún inú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ká ní mẹ́fà, tí `n` jẹ́ iye àtẹ̀jáde tòótọ́ inú àpótí, tí `avg` jẹ́ ìpíndọ́gba máàkì wọn, tí `adj` sì jẹ́ máàkì tuntun àpótí náà:

```python
k = 6
adj = (n * avg + k * 1.0) / (n + k)
```

Fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, 24 lọ́nà 1.4 jẹ́ 33.6. A fi 6 kún un, a pín in fún 30, ó di 1.32. Fún òwúrọ̀ òpin ọ̀sẹ̀, 2 lọ́nà 1.9 jẹ́ 3.8. A fi 6 kún un, a pín in fún 8, ó di 1.225. Ìrọ̀lẹ́ ti gba ipò rẹ̀ padà. Ohun tó wù mí nínú ìṣirò kékeré yìí ni pé kò ti ilẹ̀kùn mọ́ òpin ọ̀sẹ̀. Ó kàn ní kí ó wá mú ẹ̀rí sí i wá ni. Bí àtẹ̀jáde mẹ́wàá bá tún jáde níbẹ̀ tí ìpíndọ́gba rẹ̀ ṣì jẹ́ 1.9, máàkì rẹ̀ á di 1.6, á sì borí láìsí àríyànjiyàn.

Ṣùgbọ́n ibo ni àtẹ̀jáde mẹ́wàá yẹn ti máa wá, bí kọ̀ǹpútà bá ń fi gbogbo nǹkan sí ìrọ̀lẹ́ nítorí pé ìrọ̀lẹ́ ló borí? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ti ń kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Wọ́n á máa kó ẹ̀rí jọ fún aago tí wọ́n ti yàn, aago yòókù á sì wà nínú òkùnkùn. Ènìyàn náà á tún dá kún un: bó bá ti mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ dára, àtẹ̀jáde tó fara balẹ̀ ṣe jù ni yóò máa fi síbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ á sì máa gba ìyìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Oògùn méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Nínú àyè 10 tó wà lọ́sẹ̀, kí kọ̀ǹpútà fi 8 sí àwọn apótí tó borí, kí ó sì fi 2 sí apótí tó bá ṣẹ́ gègé mú. Kí ó ṣẹ́ gègé bákan náà lórí àtẹ̀jáde tó máa bọ́ sí àyè kọ̀ọ̀kan, àyàfi ìròyìn tí kò lè dúró. Àyè méjì yẹn ń náni ní nǹkan, mi ò ní fi pamọ́, nítorí pé òmíràn nínú wọn á bọ́ sí aago tí kò dára. Àwọn ni owó tí a ń san kí a lè mọ òtítọ́.

Títún àtòjọ ṣe fúnra rẹ̀ kò wá le mọ́. Ètò kan á máa jí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún àpẹẹrẹ ní aago 3 òru Mọ́ńdè, tí `cron`, irinṣẹ́ tó ń jí ètò lákòókò tí a dá fún un, ń kọ báyìí:

```
0 3 * * 1
```

Á ka àkọsílẹ̀, á yọ àtẹ̀jáde tí kò tíì pé wákàtí 24 kúrò, á ṣe ìṣirò òkè yìí, á sì kọ àtòjọ tuntun. Àtẹ̀jáde tó ti wà lórí ìlà tẹ́lẹ̀ kò ní ṣípò, ti ọ̀la nìkan ni tuntun kàn. Ó yẹ kí a fi ìjánu sí i pẹ̀lú. Kí ó má yí ju àyè kan lọ lọ́sẹ̀. Kí apótí tuntun fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àtijọ́ lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì léraléra kí ó tó gba ipò rẹ̀. Láìsí ìjánu yìí, àpótí méjì tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba á máa pààrọ̀ àyè bí ẹni ń ṣeré, olùtẹ̀lé kò sì ní mọ ìgbà tí yóò máa retí nǹkan. Bí àkọsílẹ̀ tó kà bá sì fi púpọ̀ kéré sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó lè jẹ́ pé ibi tó ti ń kà á ló bàjẹ́. Kí ó fi àtòjọ àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó sì ránṣẹ́ sí ènìyàn.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí ó yẹ kí ètò náà máa bi ara rẹ̀ lóṣooṣù: ṣé aago tilẹ̀ ń ṣe nǹkan kan? Kí kọ̀ǹpútà da gbogbo aago pọ̀, kí ó ṣẹ́ gègé pín wọn fún àwọn àtẹ̀jáde, kí ó tún tábìlì ṣe, kí ó sì kọ àlàfo tó wà láàárín apótí tó ga jù àti èyí tó rẹlẹ̀ jù sílẹ̀. Kí ó ṣe é ní ìgbà 1,000. Bí àlàfo tòótọ́ bá ju 950 lọ nínú àwọn àlàfo èké wọ̀nyí, ohun kan wà nínú aago. Bí kò bá jù ú, àwọn apótí náà kò tíì fi ìyàtọ̀ kankan hàn, kí ètò má sì fọwọ́ kan àtòjọ títí di oṣù tó ń bọ̀.