Éríà tó ń já: ìtàn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti abọ́ gàrí

Kò sí ẹni tó ti ṣe Wáẹ̀kì rí tí kò mọ bébà yẹn. Bí ìdánwò bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnì kan á gbé fọ́tokọ́pì jáde tàbí kó jù ú sórí Wásáàpù, á ní éríà nìyí, ibi tí wọ́n ti máa bi yín gan-an nìyí, ẹ má wulẹ̀ fi ìyókù da ara yín láàmú. Ẹ ṣáà mọ̀ pé éríà kì í ṣe ẹ́kísípò o, ẹ́kísípò ni kí ẹnì kan jí kuẹ́sìn gidi gbé, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Éríà àsọtẹ́lẹ̀ ni, ẹni tó kọ ọ́ ò rí kuẹ́sìn rárá, ó kàn wo èyí tó wá lọ́dún tó kọjá àti lọ́dún tó ṣíwájú rẹ̀, ó wá sọ pé báyìí ni tọdún yìí á ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ sì gbà tọkàntọkàn pé bí wọ́n bá ti rí éríà tó dáa, sílábọ́ọ̀sì ò jẹ́ nǹkan kan mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lára wọn. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé n'Íbàdàn nígbà tó wà ní Ẹ́sẹ́ẹ̀sì Tírì, èmi náà sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, ilé alágbẹ̀dẹ gan-an ni wọ́n ti ń fi eyín gé iṣu. Nígbà tí mókì ku ọjọ́ mẹ́wàá ló mú bébà kan wọlé, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ló rà á lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì wọn kan, tọ́píìkì márùn-ún ló wà níbẹ̀, ẹlẹkitirólísísì ló ṣíwájú. Mo ní kí ló dé tí kò sí òfin gáàsì níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, òfin gáàsì wá lọ́dún tó kọjá, wọn ò lè tún bi wá ní ìyẹn. Tú-ṣọ̀ nìyí." Ẹ gbọ́ o, èdè àwọn tó ń ta lọ́tò ló fi ń sọ̀rọ̀ ìwé fún mi.

Mókì dé, kuẹ́sìn mẹ́fà ni tíọ́rì, ẹ dáhùn mẹ́rin. Éríà sì já lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ẹlẹkitirólísísì wá, ó sì jẹ́ kuẹ́sìn kìíní pàápàá. Ó ní òun rẹ́rìn-ín sínú nígbà tóun rí i. Báyìí ni kuẹ́sìn ọ̀hún lọ: wọ́n fi iná 2 A gba inú sùlùfúríkì ásíìdì tí wọ́n ti pò mọ́ omi púpọ̀ kọjá fún 965 sẹ́kọ́ǹdù, kí wọ́n sọ bí hàídírójìn tó jáde níbi kátódù ṣe pọ̀ tó ní dm³, nígbà tí ooru jẹ́ 27°C tí ìtẹ̀ gáàsì sì jẹ́ 760 mmHg.

Apá àkọ́kọ́ rọrùn fún un, ohun tó kà sórí ni. 2 ní ìgbà 965 jẹ́ 1930 kúlọ́ọ̀mù, ó pín in sí 96500, ó rí 0.02 mólù ẹlẹ́kítírọ̀nù. Ẹlẹ́kítírọ̀nù méjì ló ń mú mólékù hàídírójìn kan jáde, torí náà 0.01 mólù hàídírójìn ló jáde. Ó dáa títí débẹ̀. Ó wá fi 22.4, iye dm³ tí mólù gáàsì kan máa ń gbà, lù ú, ó rí 0.224 dm³, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ti gbowó oṣù, ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n 22.4 yẹn, inú òtútù 0°C ló ti ń ṣiṣẹ́, kuẹ́sìn sì sọ pé 27°C. Ó yẹ kó sọ méjèèjì di Kẹ́fìnì, 273 àti 300, kó fi 300 lu 0.224 kó sì pín in sí 273, á jẹ́ bíi 0.246 dm³. Kí ni ìyẹn? Òfin gáàsì ni. Tọ́píìkì tó sọ pé wọn ò lè bi òun ló bá a nínú tọ́píìkì tó kà.

Ohun tí mi ò rí kí àwọn tó ń ta éríà sọ rí nìyí. Ohun tí wọ́n bá sọ nípa tọ́píìkì lè jẹ́ òótọ́, torí sílábọ́ọ̀sì kì í yí padà lọ́dọọdún, mólù á wá, ásíìdì àti béèsì á wá, kẹ́mísírì ọ̀gáníìkì á wá, ẹ ò nílò wòlíì láti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ tọ́píìkì kọ́ ni wọ́n ń gbé ka iwájú yín, kuẹ́sìn ni, ẹni tó ń ṣètò ìdánwò ò sì ní kí kuẹ́sìn kan jókòó sínú orí ìwé kan ṣoṣo, ó máa ń hun wọ́n pọ̀ bí aṣọ òkè ni. Ẹni tó fo mólù, kò sí ibi tó máa sá sí nínú kẹ́mísírì.

Lápapọ̀, mákì 31 ló mú bọ̀. Ọ́bjẹ́ ló tún bà á jẹ́ jù, nínú àádọ́ta ó gba mẹ́rìndínlógún, ẹni tó bá sì dijú tó ń fọwọ́ kan A, B, C, D náà lè rí méjìlá tàbí mẹ́tàlá níbẹ̀. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Ọ́bjẹ́ kẹ́mísírì Wáẹ̀kì náà jẹ́ kuẹ́sìn àádọ́ta fún wákàtí kan, kò sí pé ẹ yan èyí tó wù yín, wọ́n sì fọ́n wọn ká gbogbo sílábọ́ọ̀sì bí ìgbà tí èèyàn ń fún ọkà. Jáǹbù tiẹ̀ le ju ìyẹn lọ tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ éríà, ogójì kuẹ́sìn ni kẹ́mísírì níbẹ̀, ọ́bjẹ́ ni gbogbo rẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni, ohun tí ẹni tó jókòó tì yín ń rí lójú tirẹ̀ lè má jọ tiyín rárá.

Kò gbà o. Ó ní éríà náà ni kò dáa tó, òun á wá ti ẹlòmíì rà, pé ọ̀rẹ́ òun kan lo éríà tiẹ̀ ó sì gba àádọ́rin. Mi ò bá a jà. Mo gbé abọ́ gàrí tó ṣófo, mo ya bébà sí mẹ́wàá, mo ní kó kọ tọ́píìkì mẹ́wàá sí i, kó fi bírò pupa yí márùn-ún tó bá kà, kó ká wọn kó dà wọ́n síbẹ̀. Mo ní kó dijú kó mú mẹ́fà, ìyẹn ni kuẹ́sìn mẹ́fà, kó wò ó bóyá pupa tó mẹ́rin, torí mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ dáhùn. Kó dá wọn padà, kó rò wọ́n pọ̀, kó tún mú. Ogún ìgbà ló ṣe é, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sára ilẹ̀kùn ìdáná. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni pupa tó mẹ́rin nínú ogún ọ̀hún. Ẹ̀ẹ̀kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pupa ẹyọ kan ṣoṣo ló jáde, ó ju bébà sílẹ̀ ó ní mo ti fi nǹkan sínú abọ́.

Mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é pẹ̀lú ìṣirò, ọ̀nà 210 ló wà téèyàn lè gbà mú mẹ́fà nínú mẹ́wàá, 55 péré nínú rẹ̀ ló ní pupa mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìyẹn ò ju bíi 26 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó ka ìlàjì sílábọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mẹ́rin ni kò ní rí mẹ́rin dáhùn, ìyẹn tá a bá tiẹ̀ gbà pé kuẹ́sìn kì í wọnú ara wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń wọnú ara wọn. Tó bá ka méje, ìjákulẹ̀ á wálẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́fà. Tó bá ka mẹ́jọ, kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é tí mẹ́rin ò ní kàn án, torí méjì péré ló kù tí kò mọ̀. Ìgbà tó rí ìyẹn ló dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ tó gba àádọ́rin ńkọ́? Ẹ wo 26 yẹn dáadáa. Tí ogójì ọmọ bá yan márùn-ún márùn-ún tó wù wọ́n, bíi mẹ́wàá á bọ́ sí i, àwọn mẹ́wàá yẹn lẹ máa gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu wọn, ọgbọ̀n tó kù á kàn sọ pé ìdánwò le. Ta ni ń jáde wá sọ pé òun ra éríà kò sì já? Àti pé àwọn éríà kan wà tó gbòòrò débi pé kò lè ṣe kó má já, wọ́n á kọ "kẹ́mísírì ọ̀gáníìkì", ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi apá kan nínú ìwé yín.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn a wa sílábọ́ọ̀sì Wáẹ̀kì gan-an sórí fóònù, kì í ṣe ti ẹni tó ń ta ìwé, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Èmi ò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n á sì ti sú u kí wọ́n tó dé àárín. Kuẹ́sìn àtijọ́ mẹ́wàá lórí tọ́píìkì kọ̀ọ̀kan ni mo kọ́kọ́ ní kó ṣe láì kàwé. Èyí tó bá gba mẹ́jọ, ká fi sílẹ̀ fún ìparí. Èyí tó bá wà láàárín mẹ́rin sí méje, ó máa ka ibi tó ti ṣì í nìkan. Èyí tí kò tó mẹ́rin, á bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ohun tí kuẹ́sìn àtijọ́ wà fún gan-an nìyẹn, kó fi ihò tó wà lára yín hàn yín. Òfin gáàsì, méjì ló gbà. Mólù tó ní òun mọ̀ lámọ̀dunjú, mẹ́ta. Ẹlẹkitirólísísì tó fi ọjọ́ mẹ́wàá kà, mẹ́jọ, torí náà a ò tún fọwọ́ kàn án fún oṣù kan gbáko, inú bí i.

Ó tún ka ìjábọ̀ tí àwọn ọ̀gá tó ń ṣe máàkì fún Wáẹ̀kì máa ń kọ lórí ìdánwò tó ti kọjá, ọ̀fẹ́ ló wà lórí ayélujára, mi ò mọ ìdí tí àwọn ọmọ ò fi ń wò ó. Wọ́n á sọ kuẹ́sìn kọ̀ọ̀kan àti ibi tí àwọn ọmọ ti ṣìnà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni pé kí àwọn ọmọ ka sílábọ́ọ̀sì tán.

Ó gba B3 nígbà tí èsì jáde. Àmọ́ àárọ̀ ọjọ́ kẹ́mísírì gan-an ni mò ń rántí jù. Wọ́n pé jọ sẹ́nu géètì, bébà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹnì kan ki ọ̀kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó mú un bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́ láti fi hàn mí, tọ́píìkì mẹ́tàdínlógún ló wà lára rẹ̀. "Àǹtí, ẹ wò ó, sílábọ́ọ̀sì ni wọ́n dà kọ." Mo yí bébà padà, ó ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ìṣirò: 273 lábẹ́, 300 lókè.