Mo fẹ́ lọ ra bàtà ní Guangzhou, mi ò gbọ́ Ṣáínà rárá

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń lọ Guangzhou lọ ra bàtà, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ibẹ̀ ò gbọ́ òyìnbó. Ṣé Google Translate nìkan ti tó?

Ìdáhùn: Kò tó o àbúrò. Wọ́n ti Google pa ní Ṣáínà, tó o bá débẹ̀ tó o ra síìmù wọn, kò ní ṣí fún ẹ. Kó o tó kúrò nílé ni kó o ti dáńlóòdù English àti Chinese (Simplified) sínú áàpù náà, lẹ́yìn ẹ̀ kó o pa dátà, kó o tẹ gbólóhùn kan wò. Tó bá túmọ̀ ẹ̀, a jẹ́ pé ó ti wọlé. Gba WeChat náà sílẹ̀, ibẹ̀ lọlọ́jà á ti máa kọ̀wé sí ẹ, tó o bá tẹ ìka mọ́ ohun tó kọ láì gbé e kúrò, wàá rí Translate.

Ohun tá à ń tẹ̀ gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Èèyàn á tẹ "How much last" bó ṣe ń nájà nílé, áàpù á mú last yẹn bí ìgbẹ̀yìn, ọlọ́jà á wá máa wò ẹ́. Gbólóhùn kan, ọ̀rọ̀ kan, báyìí:

```
What is your lowest price for 200 pairs?
```

Kó o wá dà á padà sí òyìnbó kó o tó fi hàn án, tí iye tàbí ìtumọ̀ bá ti yí, tún un tẹ̀.

Tó bá wá kan ọjà tó o fẹ́ kó, má fi ẹnu sọ ọ́ rárá, inú ìwé ni kó o kọ ọ́ sí:

```
黑色 42号 100双
棕色 43号 100双
```

Dúdú, sáìsì 42, pẹ́à 100. Búráùn, sáìsì 43, pẹ́à 100. Jẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ owó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó o ya fọ́tò ẹ̀. Ìjà tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́rù dé, fọ́tò yẹn ló máa parí ẹ̀.

Tẹnu náà, kọ́ díẹ̀. "Dúóṣao ṣiẹ́n" ni èló ni. Àwa Yorùbá rọ́wọ́ mú níbẹ̀ torí èdè wọn lóhùn bíi tiwa: mai ni rà, mai náà ni tà, ti rà wà nísàlẹ̀ bíi dò, ti tà bẹ̀rẹ̀ lókè ó já wálẹ̀. Ẹni tí ò fetí sí i á máa sọ pé òun fẹ́ tà nígbà tó fẹ́ rà.

Ní òtẹ́ẹ̀lì, gba káàdì wọn tí wọ́n fi èdè Ṣáínà kọ àdírẹ́sì sí, tí ò bá sí, kí wọ́n kọ ọ́ fún ẹ. Òun lo máa na sí onítasín lálẹ́ tí bátìrì bá ti kú, torí náà àpò ṣòkòtò ni kó wà, kì í ṣe inú báàgì tó o máa kó lé ẹlẹ́rù lọ́wọ́.