Bí Àlàfo Dúdú Ṣe Di Ẹ̀rí Ẹ̀jẹ̀ Dídì Nínú Ẹ̀dọ̀fóró

Inú òkú ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ àìsàn ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ní Berlin, láàárín ọdún 1840 sí 1850, Rudolf Virchow fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ dídì tí wọ́n ń bá nínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró kì í sábà dì síbẹ̀. Iṣan ẹsẹ̀ ló ti máa ń já wá, tí á gba inú ọkàn kọjá, tí á sì lọ há. Bí wọn yóò ṣe rí i lára alààyè ló kù.

Ní 1929, ní Jámánì, Werner Forssmann ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba iṣan apá ara rẹ̀ wọnú ọkàn rẹ̀. Nígbà tó di 1931, Egas Moniz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lisbon ti ń da oògùn tí ẹ̀ẹ̀sìréè kì í là kọjá sínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Ibẹ̀ ni àmì tí à ń wá títí dòní ti ṣẹ̀. Oògùn á kún inú iṣan, àmọ́ ibi tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá jókòó sí, kò ní ráyè wọ̀, ibẹ̀ á sì di àlàfo.

Àmì náà dájú, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí wọ́n ti rọ́bà wọ ọkàn òun nígbà tí èémí ti ń há? Nítorí náà, àwòrán tí wọ́n ń fi èròjà onítàǹṣán yà, èyí tí Henry Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Baltimore ní 1964, ni ọ̀pọ̀ dókítà gbára lé. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé nìyẹn ń fi hàn, kì í fi ohun tó dí ọ̀nà hàn. Ìwádìí ńlá ti 1990 tí wọ́n ń pè ní PIOPED tú àṣírí rẹ̀: nínú 100 ẹni tó ní àìsàn náà lóòótọ́, nǹkan bí 41 péré ni àwòrán wọn sọ ọ́ ní gbangba.

Ẹ̀rọ sítí, tó ń fi ẹ̀ẹ̀sìréè ya inú ara ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ti wà láti 1971, nígbà tí ẹ̀rọ Godfrey Hounsfield ya orí aláìsàn àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àmọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń ya àwòrán pẹlẹbẹ, tí aláìsàn á máa mí láàárín wọn, oògùn á sì ti ṣàn kọjá kó tó yà á tán. Ní 1989 ni Willi Kalender ní Jámánì gbé ọ̀nà tuntun jáde: ẹ̀rọ á máa yí láìdúró bí bẹ́ẹ̀dì ṣe ń wọlé. Ní 1992, Martine Remy-Jardin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lille, nílẹ̀ Faransé, fi í wé ọ̀nà onírọ́bà lára aláìsàn 42. Èémí kan ṣoṣo ni aláìsàn dì mú, àlàfo inú àwọn iṣan ńlá sì hàn kedere. Lójú tèmi, èémí kan yẹn gan-an ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ iṣẹ́ wíwá ẹ̀jẹ̀ dídì nínú àwòrán sítí.

Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún fún ni èémí ń há. W ni fífẹ̀ ìwọ̀n tí àwòrán ń fi hàn láti dúdú dé funfun, L sì ni àárín rẹ̀. Bí W 400 L 40 bá wà lójú kọ̀ǹpútà, oògùn á funfun débi pé á bo ẹ̀jẹ̀ dídì kékeré mọ́lẹ̀. W 700 L 100 sàn jù. A ó bẹ̀rẹ̀ láti iṣan ńlá, a ó tẹ̀ lé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan títí dé ìdí, láti pẹlẹbẹ dé pẹlẹbẹ. Nínú ẹ̀ka ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, a rí ojú dúdú róbótó tí òrùka funfun yí ká, bíi súwíìtì Pólò. Ó hàn nínú pẹlẹbẹ márùn-ún léraléra. A fi ìwọ̀n Hounsfield, tó ń sọ bí nǹkan ṣe funfun tó nínú àwòrán, wọn ibẹ̀: 50, nígbà tí oògùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 320. Ẹ̀ka ọ̀nà èémí ń bá iṣan náà rìn, nítorí náà kì í ṣe iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn. Níbi tí dúdú náà ti kan ògiri iṣan, igun ibẹ̀ mú ṣóńṣó, tuntun nìyẹn. Èyí tó ti pẹ́ sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri pẹrẹsẹ, igun rẹ̀ á sì fẹjú.

Èémí tó bí iṣẹ́ náà ló tún sábà ń bà á jẹ́. Bí aláìsàn bá mí, etí àwọn iṣan á di méjì-méjì, dúdú èké á sì yọ nínú pẹlẹbẹ kan tàbí méjì. Ẹ ṣí àwòrán ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé ó mì. Bó bá fa èémí wọlé jinlẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ara tí kò ní oògùn nínú á rọ́ wọlé, á dà pọ̀ mọ́ oògùn, á sì dín funfun rẹ̀ kù. Irú èyí kì í ní etí tó já gaara, nọ́ńbà rẹ̀ sì máa ń ga ju ti ẹ̀jẹ̀ dídì lọ.

Ìwádìí PIOPED II ti 2006 fi ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí hàn. Nígbà tí sítí bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú iṣan ńlá tàbí ẹ̀ka àkọ́kọ́, òótọ́ ni nígbà 97 nínú 100. Nínú àwọn ẹ̀ka tó tẹ̀ lé e, ó jẹ́ 68. Nínú àwọn tó kéré jù lọ, tó tún ya lára ìwọ̀nyẹn, 25 péré ni.