Kí Ẹ Tó Fi Àmì Òpin Ọ̀sẹ̀ Sí Ọjà Yín, Ẹ Yẹ Òpó Ọjọ́ Wò

Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò tí ń gbé àkọsílẹ̀ ọjà wọn wá sọ́dọ̀ mi ń béèrè. Wọ́n fẹ́ kí n fi àmì sí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ta ọjà náà tàbí òpin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì mọ ìdámẹ́rin ọdún tí ó bọ́ sí. Iṣẹ́ náà kò le, nítorí pé fọ́múlà méjì péré ni ó ń ṣe é nínú Excel. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ wọn ti rí fọ́múlà gbà níbòmíràn kí wọ́n tó dé, wọ́n sì ti fi èsì rẹ̀ ṣe ìpinnu, nígbà tí ọjọ́ tí ó wà nínú fáìlì wọn kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n tajà rárá.

Àwọn fọ́múlà tí èmi ń lò nìyí, bí ọjọ́ àkọ́kọ́ bá wà ní A2:

```
=IF(ISNUMBER(A2),IF(WEEKDAY(A2,2)>5,"Òpin ọ̀sẹ̀","Ọjọ́ iṣẹ́"),"Yẹ̀ ẹ́ wò")
=IF(ISNUMBER(A2),YEAR(A2)&"-Q"&ROUNDUP(MONTH(A2)/3,0),"Yẹ̀ ẹ́ wò")
```

Ẹ má ṣe yọ 2 tí ó wà nínú WEEKDAY kúrò. Òun ni ó ń sọ fún Excel pé kí ó ka ọjọ́ Ajé sí 1 àti ọjọ́ Àìkú sí 7, kí ohun tí ó bá ju 5 lọ lè jẹ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú. Bí ẹ bá yọ ọ́, ọjọ́ Àìkú ni yóò di 1, ọjọ́ Ẹtì yóò di 6, gbogbo ọjà ọjọ́ Ẹtì yóò sì wọ inú òpin ọ̀sẹ̀ nígbà tí ti ọjọ́ Àìkú yóò jókòó sáàárín ọjọ́ iṣẹ́. ISNUMBER náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, Excel yóò ka àyè tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọjọ́ sí bí òdo, òdo náà yóò sì di ọjọ́ Àbámẹ́ta nínú oṣù kìíní ọdún 1900. Báyìí ni ọjà tí a kò mọ ọjọ́ rẹ̀ ṣe ń di ọjà òpin ọ̀sẹ̀ àti ti ìdámẹ́rin àkọ́kọ́, láìsí ariwo kankan.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ ti ṣẹlẹ̀ kí fọ́múlà tó dé ibẹ̀. Ọjọ́ ni a máa ń kọ́kọ́ kọ nílẹ̀ wa, kí a tó kọ oṣù. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá sì ti ṣètò bí ti Amẹ́ríkà, oṣù ni yóò kọ́kọ́ kà. Bí ẹ bá tẹ fáìlì CSV lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè ṣí, Excel kì í béèrè èyí tí ẹ ní lọ́kàn. Ètò kọ̀ǹpútà náà ni yóò tẹ̀ lé.

Ìyá kan tí ó ń ta ohun èlò oúnjẹ gbé àkọsílẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2024 wá. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní kí n máa ti ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé, pé òpin ọ̀sẹ̀ kò mówó wọlé fún mi mọ́." Ẹnì kan tilẹ̀ ti sọ fún un pé ayé ló di ọjà rẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó ètùtù. Mo sọ fún un pé, "Màmá, ẹ fi owó yín sápò. Ẹ jẹ́ kí a wo òpó ọjọ́ yìí ná."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni 09/03/2024 tí ó wà nínú fáìlì rẹ̀. Excel kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án, èyí tí ó jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí náà ọjà Àbámẹ́ta di ti ọjọ́ iṣẹ́, ó sì fo láti ìdámẹ́rin àkọ́kọ́ bọ́ sí ìkẹta. Ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, 10/03/2024, di Ọjọ́bọ̀ nínú oṣù kẹwàá. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, ọjà ọjọ́ Ẹtì, 08/03/2024, di ti ọjọ́ Àbámẹ́ta nínú oṣù kẹjọ, ti ọjọ́ Ajé, 11/03/2024, sì di ti ọjọ́ Àìkú nínú oṣù kọkànlá.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí 13/03 títí dé 31/03 tún burú ju èyí lọ. Kò sí oṣù kẹtàlá, nítorí náà Excel fi wọ́n sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, fọ́múlà tí akọ̀wé rẹ̀ lò, tí kò ní ISNUMBER, sì mú #VALUE! jáde níwájú wọn. Àmì yẹn ni ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà ní. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà fún ìyá yìí fi IFERROR bò ó, kí ojú ìwé lè mọ́. Ó ti kọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn tí ń pe ara wọn ní olùkọ́ Excel, tí wọ́n sì ń fi IFERROR wo gbogbo àìsàn. Báyìí ni ọjọ́ mọ́kàndínlógún ṣe pòórá nínú oṣù kan, tí òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì bá a lọ. Ọjọ́ kẹtàlélógún wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ ọgbọ̀n, tí í ṣe Àbámẹ́ta tí ó ṣáájú ọdún Àjíǹde, nígbà tí àwọn ènìyàn wá ra ìrẹsì àti òróró títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí ẹni tí ó di ọjà ìyá yìí. Akọ̀wé ni ó pa á mọ́.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí kò nílò ju ìṣẹ́jú kan lọ láti rí i. Bí fáìlì bá jẹ́ ti oṣù kẹta nìkan, tí ẹ sì rí oṣù kìíní dé ìkejìlá nínú rẹ̀, tí gbogbo wọn sì jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù, ọjọ́ àti oṣù ti gba ipò ara wọn nìyẹn. Bí àwọn ọjọ́ mìíràn bá tún fara ti apá òsì nígbà tí àwọn yòókù wà ní apá ọ̀tún, tí kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni ni ó tò wọ́n bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni àwọn ti apá òsì.

Yíyí ìrísí ọjọ́ padà kò wo èyí sàn, nítorí ojú rẹ̀ nìkan ni yóò yí, nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ kò ní kúrò níbi tí ó wà. Ẹ padà sí fáìlì tí ẹ̀rọ POS tàbí ilé ìfowópamọ́ fún yín, kí ẹ gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ lo Text to Columns, kí ẹ sì yan DMY. Bí fáìlì ìpilẹ̀ bá ti sọnù, tí ó sì dá yín lójú pé ọjọ́ ni ó ṣáájú nínú gbogbo ìlà rẹ̀, ẹ kọ èyí sínú òpó tuntun:

```
=IF(ISNUMBER(A2),DATE(YEAR(A2),DAY(A2),MONTH(A2)),DATE(RIGHT(A2,4),MID(A2,4,2),LEFT(A2,2)))
```

Ó ń dá èyí tí a ti yí padà sípò, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ lásán di ọjọ́. Ẹ má ṣe lò ó lórí fáìlì tí ó ti tọ́ tẹ́lẹ̀, nítorí yóò tún dojú rẹ̀ rú.

Ìgbà tí a tún ti ìyá náà ṣe tán, òpin ọ̀sẹ̀ márààrún oṣù náà ni ó jáde, ó sì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sátidé di òní.

Ibì kan wà tí fọ́múlà mi kò dé. Ó ka ọjọ́ Ẹtì, 29/03/2024, àti ọjọ́ Ajé, 01/04/2024, sí ọjọ́ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìsinmi Àjíǹde ni méjèèjì ní Nàìjíríà. Ó tún pín ìsinmi kan ṣoṣo náà sí ìdámẹ́rin ọdún méjì. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá gbára lé ọdún àti ìsinmi ní láti kọ ọjọ́ ìsinmi ìjọba sí òpó kan, bí àpẹẹrẹ H, kí ó sì fi COUNTIF(H:H,INT(A2))>0 fi àmì kẹta sí wọn, kí ó má baà da ọjà ọjọ́ ìsinmi pọ̀ mọ́ ti ọjọ́ iṣẹ́.